Ìdáhùn Mi sí Kúẹ́rì Ọjọ́ Ọjà

Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa kí n tó sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá dun ènìyàn, bí a bá sọ ọ́ lórí ìdúró, èébú ló máa ń já sí.

Oṣù méje péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà tí wọ́n kọ̀wé sí mi pé òpùrọ́ ni mí. Wọn ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Ìwé ìjọba kì í pe ènìyàn ní òpùrọ́. Ohun tó máa ń wí ni pé, "ó jọ bí ẹni pé àkọsílẹ̀ rẹ kò bá òtítọ́ mu." Àbí kí ni ìyàtọ̀? Ẹni tó gbá ọ létí tó wọ ìbọ̀wọ́, etí ha ṣaláì dùn ọ́ bí?

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo ń fún àwọn ọmọdé. Ẹ̀gbá ni mí, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo lò létí ọ̀sà níhà Àgbádárìgì. Wọ́n ti gbé mi dé Kankon, wọ́n ti gbé mi dé Ajido, kí n tó wá fìdí kalẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo gbọ́ èdè Ègùn tó èyí tí mo fi ń ná ọjà, tí mo sì fi ń dáhùn bí wọ́n bá bú mi. Àwọn obìnrin etí omi kò mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ tó bá rí mi lọ́nà, ìdí ìyá rẹ̀ ló ń sá sí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé etí omi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan fún yín, torí orí rẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà dúró lé. Àwọn abúlé kan wà ní òdìkejì ọ̀sà níbi tí ọkọ̀ elérò kì í yà sí lójoojúmọ́. Ọjọ́ ọjà nìkan ni ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì máa ń lọ kó wọn. Ìyá tó ní ọmọ jòjòló, tó ní ẹja yíyan láti tà, ọjọ́ ọjà ló ń rí ọkọ̀ wọ̀. Bó bá dé èbúté, ẹja ló kọ́kọ́ wà lọ́kàn rẹ̀. Tí o bá ní kó fi ẹja sílẹ̀, kó gun ọ̀kadà wá sí ilé ìwòsàn, kó wá tò sórí ìlà, yóò fi ẹ̀rín dá ọ lóhùn, o ò sì ní rí i mọ́. Nítorí náà, èmi ni mo ń gbé abẹ́rẹ́ lọ bá a. Lábẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, ibẹ̀ ni mo ń gbé tábìlì sí. Bí ìyá bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ ń kọjá. Mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, àrùn èéyi kò sì pa ọmọ kankan mọ́ ní àwọn abúlé yẹn bí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ọjà wa, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún là ń ná an, bí a bá ka ọjọ́ tí a ná an mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ Ọjọ́rú lónìí, Àìkú ló tún kàn, lẹ́yìn náà Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ajé. Kò mọ ọ̀sẹ̀ òyìnbó rí, kò sì ní mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà létí ọ̀sà lè sọ fún ọ láìwo ibì kankan pé ọ̀túnla lọjà.

Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì àgbà ní fọ́ọ̀mù. Lọ́dọọdún la máa ń kọ ìwé ètò, pé ibi báyìí la ó ti fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́, ní ọjọ́ báyìí. Mo kọ ọ́ pé: "Èbúté, gbogbo ọjọ́ ọjà." Nígbà tí ìwé náà padà dé pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù, mo bá Ọjọ́rú níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù wọn kò ní àyè fún ọjọ́ ọjà. Ajé títí dé Ẹtì nìkan ló mọ̀. Ẹni tó ń da ìwé mi kọ sínú ẹ̀rọ ti wo ọjọ́ tí ọjà bọ́ sí lọ́sẹ̀ yẹn, ó bá Ọjọ́rú, ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn baba wa fi ọjà náà lọ́lẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà.

Mo rí i. Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi ìṣó kan ìwé náà mọ́ ògiri, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ẹ rántí pé mo rẹ́rìn-ín o, torí ẹ̀rín yẹn wà lára ohun tí mo jẹ̀bi rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin alábẹ̀wò kan dé láti ọ́fíìsì àgbà, ó wọ bàtà tó ń dán, ó gbé fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn lọjà. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì wa, ọmọ Èkìtì tí kò tíì pé ogójì ọdún, ti lọ sípàdé ní Àgbádárìgì. Bàbá aṣọ́nà nìkan ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá yìí ló sọ ohun tí wọ́n jọ sọ fún mi lẹ́yìn náà.

"Ìyá tó ń fúnni lábẹ́rẹ́ dà?"

"Òní lọjà, sà. Wọ́n wà ní èbúté. Ọ̀kadà á gbé yín débẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Alábẹ̀wò wo fóònù rẹ̀. "Wẹ́sìdeè ni wọ́n kọ síbí."

"Àwọn tó kọ ọ́, ṣé wọ́n bi ọjà?"

"Bàbá, mi ò bá yín ṣeré."

"Èmi náà ò bá yín ṣeré, sà. Ẹ̀wù iṣẹ́ ni mo wọ̀ yìí."

Ó kọ ohun tó kọ, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò lè gun ọ̀kadà! Bó bá wá ni, ìbá bá mi pẹ̀lú òógùn lójú, ọmọ kan ń ké lọ́wọ́ mi, méje ń dúró. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó ṣe lẹ́yìn náà. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí èbúté. Ọjọ́rú kejì, ó tún lọ. Ìkankan nínú méjèèjì kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ewúrẹ́ ló bá lábẹ́ igi mi, ó sì ya fọ́tò wọn. Lọ́jọ́ méjèèjì yẹn, ilé ìwòsàn ni mo wà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì yà wá wò mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, ọ̀gá nọ́ọ̀sì pè mí sí yàrá rẹ̀, ó na àpò ìwé sí mi. Kò wo ojú mi. Ìwé kúẹ́rì ni. Wọ́n ní mo fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mo sì wà lọ́jà lákòókò iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ní mo gbé oògùn jáde lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ètò. Wọ́n ní n kò lọ síbi tó yẹ kí n lọ ní Ọjọ́rú méjì. Wọ́n wá fi èyí tó burú jù kádìí rẹ̀, pé ó jọ bí ẹni pé orúkọ àwọn ọmọ tí mo ń kọ ránṣẹ́ láti èbúté kì í ṣe ti ọmọ tó wà láyé. Kí n dáhùn láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta, kí n sọ ìdí tí wọn kò fi ní bá mi wí, èyí tó lè jẹ́ lílé kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ tí kò sí láyé! Àwọn ọmọ tí mo mọ àpá abẹ́rẹ́ apá wọn bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Òmíràn nínú wọn, mo fún ìyá rẹ̀ lábẹ́rẹ́ nígbà tí ìyá náà wà lẹ́yìn ìyá tirẹ̀. Mo wá ìjókòó.

"Mama," ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní, "ẹ má jẹ́ kó pọ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ tọrọ àforíjì, pé irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní ẹ ti dàgbà, wọ́n á fi sílẹ̀."

"Irú kí ni ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́?"

"Mama, ẹ ṣáà bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀bẹ̀ kì í pa ènìyàn."

"Ó ń pa ènìyàn, ọ̀gá. Tí mo bá tọrọ àforíjì lórí ìwé yìí, mo ti buwọ́ lù ú pé mo purọ́. Wọ́n á fi í sínú fáìlì mi. Ibẹ̀ ni yóò wà títí ayé."

Ẹ wò ó, n kò bú ọmọbìnrin náà. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Bí ọ̀gá bá ti bínú, ẹ dọ̀bálẹ̀ ná, ẹ óò mọ ohun tó fà á tó bá yá. Àwọn kan ti fi ẹ̀bẹ̀ gba ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá, wọ́n sì gbé e wọnú ìfẹ̀yìntì. Èmi kọ̀.

Àkọ́kọ́ tí mo kọ, ojú ewé mẹ́fà ni. Òwe kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ọmọ tí kò sí láyé ló ń tọ̀ sí mi lára. Mo ní kí alábẹ̀wò lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ewúrẹ́ tó yà ní fọ́tò. Nígbà tí mo kà á tán, inú mi dùn, mo sì mọ̀ pé ìwé náà kò ní gbà mí. Bí ìwé ìbínú bá dé tábìlì wọn, ìbínú ni wọ́n máa dájọ́ lé lórí. Wọ́n á gbàgbé ohun tí wọ́n bi mí.

Mo wá fi òfin kan lélẹ̀ fún ara mi, pé gbólóhùn tí kò bá ní ìwé lẹ́yìn, kí n fa igi lé e. Mo jókòó, mo ń fa igi. Òwe lọ. Ewúrẹ́ lọ. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti fi òótọ́ inú sin ìjọba" náà lọ, bó tilẹ̀ dùn mí, torí kò sí ìwé tó ń wọn òótọ́ inú. Nígbà tí mo parí, ojú ewé kan àti ààbọ̀ ló ṣẹ́ kù.

Ọjọ́ kejì tó wà láàárín gbèdéke wọn, Ọjọ́rú ni, ọjà sì bọ́ sí i. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Lọ́jọ́ tí fọ́ọ̀mù wọn àti ọjà wa ṣe déédéé, alábẹ̀wò kò wá. Èmi lọ. Mo yọ ike yìnyín mẹ́rin jáde, mo dúró kó láàgùn, mo mì í létí títí mo fi gbọ́ omi inú rẹ̀, torí yìnyín tó bá le jù máa ń ba òmíràn nínú oògùn jẹ́. Mo tò wọ́n sínú kúlà, mo kọ orúkọ mi sínú ìwé ìjáde, mo sì wá ọ̀kadà. Ní èbúté, obìnrin kan tó ń sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wo ojú mi.

"Ìyá Abẹ́rẹ́, ta ló gún yín lónìí?"

"Ìjọba ni."

"Ṣé ó wú?"

Mo rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wù mí.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n ohun tó wí nìyí. Mo gba ìwé yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ní aago mọ́kànlá. Òótọ́ ni pé n kò sí nínú ọgbà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé tí ẹ dárúkọ. Mo wà ní èbúté, mo ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́. Mo jáde ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, mo padà ní aago méjì kọjá díẹ̀, ẹ̀dà ìwé ìjáde wà lẹ́yìn ìwé yìí. Iye ìgò oògùn tí mo gbé jáde, iye tí mo ṣí, iye tí mo dá padà, wọ́n wà nínú ìwé oògùn. Èyí tí mo ṣí tí kò tán, mo dà á nù lójú ẹsẹ̀ tí iṣẹ́ parí gẹ́gẹ́ bí òfin, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé oògùn náà ní ìbuwọ́lù ọ̀gá ilé ìwòsàn ní gbogbo ọjọ́ tí mo lọ sí èbúté láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Orúkọ àwọn ọmọ ọjọ́ Ajé wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà káàdì tó wà lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan àti abúlé tó ti wá.

Ní ti Ọjọ́rú méjì, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn lọ́jọ́ méjèèjì, ìwé wíwá sẹ́nu iṣẹ́ jẹ́rìí. Kò sí ọjà lọ́jọ́ náà, nítorí náà kò sí ìyá ní èbúté. Ìwé ètò tí mo fi ránṣẹ́ ní "gbogbo ọjọ́ ọjà." Èyí tó padà ní "Ọjọ́rú." Ẹ̀dà méjèèjì wà lẹ́yìn. Mo rí ìyàtọ̀ náà nígbà tó dé, n kò sì kọ̀wé láti ní kí wọ́n tún un ṣe. Àṣìṣe mi ni. N kò ṣe àṣìṣe mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìparí rẹ̀: mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ́fíìsì mú orúkọ mẹ́wàá tó bá wù wọ́n nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, kí wọ́n wá sí èbúté lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n wo káàdì. Mo kọ àwọn ọjọ́ tí ọjà yóò bọ́ sí fún oṣù kan sísàlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọbìnrin tó bá mi tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ gbójú sókè. "Mama, ẹ ò fi 'ẹ dárí jì mí' kankan sí i?"

"Tẹ ohun tí o rí, ọmọ mi."

Ìwé ìdáhùn kì í fò lórí ọ̀gá ẹni. Ọwọ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ó kà á láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí aago kò tíì lu mẹ́wàá. Nígbà tó dé ibi tí mo ti mẹ́nu ba ìbuwọ́lù rẹ̀, ó dúró.

"Mama, ẹ fẹ́ fà mí wọ inú ẹ̀."

"N kò kọ ọ́ pé ẹ mọ̀. Mo kọ ọ́ pé ìbuwọ́lù yín wà nínú ìwé oògùn. Ṣé kò sí níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lẹ́nu pé kí n máa lọ. N kò kọ ìyẹn, torí n kò ní ìwé rẹ̀. Ẹ rí i pé mo ro tiyín."

Ó pa ojú dé díẹ̀. Ọmọ kékeré méjì ló ní, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ipò náà ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ṣùgbọ́n inú bí mi sí i ju bó ṣe bí mi sí alábẹ̀wò lọ, kí n má purọ́. Alábẹ̀wò kò mọ̀ mí. Òun mọ̀ mí. Òun rí mi tí mo ń gbé kúlà jáde ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sí ìsìn. Ó mú bíírò, ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà: "Mo fi ránṣẹ́ fún àgbéyẹ̀wò yín." Ó buwọ́ lù ú. Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ì báà ṣe, "òótọ́ ló sọ." Ṣùgbọ́n ìwé náà lọ kí aago tó lu mọ́kànlá, mo sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tèmi.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, Ọjọ́bọ̀ mìíràn dé, ọjà sì bọ́ sí i. Obìnrin àgbà kan láti ọ́fíìsì àgbà bá mi lábẹ́ igi, kò sọ tẹ́lẹ̀. Ó kí mi, ó fa bẹ́ǹṣì, ó mú ìwé kékeré jáde. Orúkọ mẹ́wàá ló mú, kò sì sọ wọ́n fún mi. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, á pe orúkọ, bí ìyá bá dáhùn, á gba káàdì, á wo nọ́ńbà, á wo apá ọmọ. Ó rí méje kí oòrùn tó mú. Ẹ̀kẹjọ, ìyá àgbà rẹ̀ ló wá, ó ní ọmọ náà wà nílé, ṣùgbọ́n káàdì wà nínú agbọ̀n ẹja. Káàdì náà ń rùn ẹja, ṣùgbọ́n ó pé. Àwọn méjì tó kù kò wá sọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin náà wọkọ̀ ojú omi lọ bá wọn lábúlé. Mo sọ fún yín, ó wọkọ̀! Nígbà tó padà, ó ti rí àwọn méjèèjì, aṣọ rẹ̀ sì ti rin dé orúnkún.

"Mama," ó ní, "ta ló kọ Ọjọ́rú yìí?"

"N kò mọ̀, mà."

"Ẹ̀yin náà, kí ló dé tí ẹ ò kọ̀wé pé kò rí bẹ́ẹ̀?"

"Mo rò pé ohun tí gbogbo ayé mọ̀ kò nílò ìwé."

"Lọ́fíìsì, ohun tí gbogbo ayé mọ̀ gan-an ló nílò ìwé jù." Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ìwé wọn dé. Ìlà méjì. Wọ́n ti ka ìdáhùn mi, àlàyé mi tẹ́ wọn lọ́rùn. Kí n máa fi ọjọ́ ọjà ránṣẹ́ ní oṣooṣù láti ìsinsìnyí lọ. Kò sí "ẹ má bínú." Kò sí ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn ọmọ tí wọ́n ní kò sí láyé. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì dì mọ́ mi, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, Mama, Ọlọ́run ti bá wa ṣe é!" Mo ní, "Ọlọ́run ṣe é. Àwa kọ́, ọ̀gá. Èmi." Ó gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kejì ni mo wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì tí fáìlì mi wà. Mo ti rí ẹni tí wọ́n dá láre tí ìwé ìdáláre rẹ̀ sọnù lórí tábìlì, tó jẹ́ kúẹ́rì nìkan ni wọ́n bá nígbà tí wọ́n ṣí fáìlì rẹ̀. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní òun yóò fi sí i.

"Ẹ máa lọ sílé, Mama. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti fi sí i."

"Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, ọmọ mi. Mo ní àkókò."

Mo fa àga, mo jókòó. Ó wò mí, mo wò ó. Nígbà tó rí i pé n kò ní dìde, ó wá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ìwé níhò, ó lu ìwé náà níhò méjì, ó ṣí fáìlì, ó fi í lé orí ìdáhùn mi àti kúẹ́rì wọn, ó kọ nọ́ńbà sí igun rẹ̀. Mo ní kó yí i sí mi kí n kà á. Ó yí i. Mo kà á tán ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí n tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí n tó dìde.